Asẹ́ Ohùn fún Wúfà

Ẹ jókòó sẹ́bàá wúfà kan tí wọ́n so tààrà mọ́ ampilifáyà, kí ẹ ní kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí maíkì. Ọ̀rọ̀ náà yóò máa jáde bí ẹni pé inú ìkòkò ni onítọ̀hún ki orí bọ̀. Kò sí ohun tó ṣe wúfà yẹn. Ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n gbé rù ú. Ìlù ńlá àti gìtá béèsì ni iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ohùn tó ń mì tó ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Ohùn tó bá ga ju ìyẹn lọ, sípíkà kékeré ló ni ín. Ohun tó yẹ kó wà láàárín ni asẹ́: kí ohùn ìsàlẹ̀ kọjá, kí tòkè dúró sẹ́yìn.

Asẹ́ tó rọrùn jù lọ kò ju rẹsítọ̀ kan àti kapásítọ̀ kan lọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fẹ̀ jù. Bí a bá fi ààlà rẹ̀ sí 100 Hẹ́tìsì, ohùn tó wà ní 400 Hẹ́tìsì, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu wà gan-an, yóò ṣì kọjá dé bí ìdá kan nínú mẹ́rin. A ṣì máa gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn á ní kí a to méjì irú rẹ̀ léra wọn. Òótọ́ ni pé tòkè yóò dínkù dáadáa, àmọ́ ìsàlẹ̀ náà yóò jìyà: ní ojú ààlà, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni yóò kù. Béèsì tí a ń wá ni asẹ́ náà ń gé jẹ.

Ní 1955, R. P. Sallen àti E. L. Key, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Lincoln Laboratory ti MIT ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde tó tún èyí ṣe, òun náà la ṣì ń lò títí di òní. Rẹsítọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, kapásítọ̀ méjì, àti ọ́páńpù kan, ìyẹn ṣíìpù kékeré tó ń ṣe àdàkọ fólíìtì tó bá wọ ẹnu rẹ̀. Túùbù onígíláàsì ni wọ́n lò nígbà tiwọn.

Bí wọ́n ṣe tò ó nìyí. Ohùn gba inú rẹsítọ̀ kìíní wọlé, ó dé oríta, ó gba inú ìkejì, ó wọ ẹnu ọ́páńpù. Kapásítọ̀ kan ti ẹnu ọ́páńpù yẹn lọ sí ilẹ̀. Ìkejì ni ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: dípò kí ó ti oríta lọ sí ilẹ̀, ibi tí ohùn ti ń jáde nínú ọ́páńpù ni wọ́n so ó mọ́. Ẹ wò ó pẹ̀lú mi. Bí ohùn bá wà nísàlẹ̀, fólíìtì oríta àti ti àbájáde jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀kalẹ̀. Kapásítọ̀ tí orí àti ìdí rẹ̀ jọ ń rìn kò ní ohun tó máa fà, kò sì mú nǹkan kan kúrò nínú béèsì. Bí ohùn bá ga jù, àbájáde á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dòfo, ìdí kapásítọ̀ náà á wá dà bí ẹni pé ilẹ̀ ló wà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà ohùn nù. Ní tòsí ààlà ni ó ti ń ṣe oore: ó ń ti díẹ̀ nínú ohùn padà sí oríta, ó sì ń di ọ̀fìn tí asẹ́ méjì tó léra wọn máa ń gbẹ́.

Bí ó ti ń tì í tó, ìwọ̀n kapásítọ̀ méjèèjì síra wọn ló ń sọ ọ́. Bí rẹsítọ̀ méjèèjì bá dọ́gba, tí kapásítọ̀ tó lọ sí àbájáde sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti èyí tó lọ sí ilẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yóò tẹ́jú láìwú láìjìn títí dé ẹ̀gbẹ́ ààlà. Stephen Butterworth, ẹlẹ́rọ ará Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé irú ìtẹ́jú yìí ní 1930, orúkọ rẹ̀ náà la sì fi ń pè é. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn nìyí: kapásítọ̀ ló ń pinnu ìrísí asẹ́, rẹsítọ̀ ni kí a fi gbé ààlà sí ibi tó wù wá.

Nítorí náà kapásítọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí pé oríṣi rẹ̀ tó wà lọ́jà kò pọ̀ tó ti rẹsítọ̀. Ẹ ra mẹ́ta tó jẹ́ nanofáráàdì 100, tí wọ́n kọ 104 sí lára. Ọ̀kan lọ sí ilẹ̀, ẹ so méjì yòókù ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n di 200. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi ike pẹlẹbẹ ṣe. Àwọn kan wà tí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe, tí ìwọ̀n wọn máa ń dínkù bí fólíìtì bá gun orí wọn tàbí bí ooru bá mú. Ìṣirò tó kù nìyí, tí C jẹ́ èyí tó lọ sí ilẹ̀:

```
R = 0.1125 / (f × C)
R = 0.1125 / (100 × 0.0000001) = 11250
```

Kò sí rẹsítọ̀ tó ń jẹ́ 11250 lọ́jà. Ẹ to kíló-óòmù 10 àti kíló-óòmù 1.2 tẹ̀ léra wọn, ó di 11.2, ààlà sì bọ́ sí bíi 100.5 Hẹ́tìsì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá èyí tó péye ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kapásítọ̀ fúnra rẹ̀ lè fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára. TL071 tó ọ́páńpù fún iṣẹ́ yìí.

Láti dán an wò, ẹ fi fóònù tó ní áàpù tó ń mú ohùn kan ṣoṣo jáde sẹ́nu ìwọlé, kí mítà ka milifólíìtì 500 níbẹ̀. Ẹ wá wo àbájáde. Ní 40 Hẹ́tìsì, ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 500. Ní 100, nǹkan bíi 350. Ní 200, bíi 120. Ní 400, bíi 30, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ti 100 yẹn ni kí ẹ fojú sí. Bí ó bá jẹ́ bíi 177 ni mítà kà níbẹ̀, ẹ ti gbé kapásítọ̀ méjèèjì sí ipò ara wọn, asẹ́ ọ̀hún sì ti padà di èyí tó ń jẹ béèsì.

Àṣìṣe kan tún wà tí mítà kì í tètè fi hàn. Nínú àpótí kan tí mo tò fún ilé, fólúùmù kíló-óòmù 50 ni mo fi síwájú asẹ́. Bí mo bá yí i sókè pátápátá, gbogbo rẹ̀ dára. Bí mo bá dá a padà sí àárín, béèsì á wúwo, á sì ṣókùnkùn. Ó ṣe díẹ̀ kí ó tó yé mi: fólúùmù tó wà ní àárín ń fi bíi kíló-óòmù 12.5 kún rẹsítọ̀ kìíní, 11.2 di 23.7, ààlà sì ti já bọ́ sí 69 Hẹ́tìsì. Mo gbé fólúùmù náà sẹ́yìn asẹ́, mo wá fi rẹsítọ̀ kíló-óòmù 100 ti ẹnu ìwọlé sọ́ ilẹ̀, kí ẹnu ọ́páńpù má baà rọ̀ sófuurufú nígbà tí kò bá sí ohun tí a so mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, ibi yòówù kí n yí i dé, ohùn wúfà yẹn kò yí padà, kìkì pé ó ń pọ̀ tàbí ó ń dínkù.