Ẹ Wọn Òkìtì Aṣọ Yín Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Bí ẹ bá wọ ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ, ohun tí ọlọ́jà máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé?" Bí ẹ bá ní ẹ̀yin méjì ni, á nawọ́ sí kílò 6. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á ní kí ẹ gbé 7 tàbí 8. Láti márùn-ún lọ sókè, 9 tàbí 10 ló máa fà jáde. Ìmọ̀ràn náà ò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Tọkọtaya tó ní ọmọ ìkókó kan lè dọ̀tí aṣọ ju ilé àgbàlagbà mẹ́rin lọ. Ẹni tó ń fọṣọ lójoojúmọ́ kò sì nílò ẹ̀rọ tó tóbi tó ti ẹni tó ń kó tiẹ̀ jọ di Sátidé.

Kílò tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀rọ jẹ́ ìwọ̀n aṣọ gbígbẹ, kí omi tó kàn án rárá. Aṣọ òwú nìkan ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá yí ẹ̀rọ sí ètò tó wà fún pọliẹ́sítà àti àwọn aṣọ tó ń yọ̀, ohun tó lè gbà máa ń wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ti aṣọ onírun àgùntàn kì í sábà ju kílò 2 lọ. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá máa ń to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹ ní kí ọlọ́jà ṣí i fún yín. Ní ti ẹ̀rọ tí ibi ìfọṣọ àti ibi ìfúnṣọ rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kílò méjì ló ní. Ti ibi ìfọṣọ, tó pọ̀ jù, ni wọ́n ń kọ gàdàgbà síwájú. Ibi ìfúnṣọ kéré sí i, nítorí náà aṣọ tí ẹ fọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè di èyí tí ẹ máa fún lẹ́ẹ̀méjì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ti ilé yín? Ẹ kó aṣọ ìdọ̀tí jọ títí di ọjọ́ tí ẹ máa ń fọṣọ, kí ẹ sì pín in bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́: funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ń yọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ kó òkìtì kọ̀ọ̀kan sínú àpò, ẹ gbé e dání, kí ẹ gun òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún láìgbé nǹkan kan, kí ẹ wá yọ ìwọ̀n ara yín kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ẹ lè fojú bù ú: táwẹ́ẹ̀lì ìwẹ̀ kan tó nǹkan bí ìdajì kílò, jíìnsì àgbàlagbà kan lè lé díẹ̀ sí i, ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣàpẹẹrẹ: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta nílùú Ìbàdàn, tí wọ́n ń fọṣọ lópin ọ̀sẹ̀. Ká ní wọ́n wọn aṣọ wọn, ó sì jẹ́ kílò 15. Ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé, síńgílẹ́ẹ̀tì àti táwẹ́ẹ̀lì funfun jẹ́ kílò 4.5. Aṣọ ìbùsùn funfun jẹ́ 2.5. Àǹkárá àti aṣọ ilé aláwọ̀ jẹ́ 6. Àwọn tó ń yọ̀ jẹ́ 2. Aṣọ ìbùsùn lè bá funfun wọlé, ìyẹn di kílò 7. Òkìtì mẹ́ta ni wọ́n ní, 7, 6 àti 2.

Ẹ̀rọ kílò 8 gba òkìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìfọ̀ mẹ́ta, àyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù fún aṣọ láti yí. Kílò 2 tó ń yọ̀ kò ju ìdajì tó lè gbà lọ. Bí wọ́n bá ra kílò 6, funfun máa di ìfọ̀ méjì, aláwọ̀ á sì kún un dẹ́nu. Bí wọ́n bá ra kílò 12 ńkọ́? Ìfọ̀ mẹ́ta náà ni, torí wọn ò ní tìtorí pé ẹ̀rọ tóbi kí wọ́n da àǹkárá tó ń ṣí mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Òkìtì tó tóbi jù lọ nínú àwọn tí ẹ lè fọ̀ pa pọ̀ ló yẹ kó sọ kílò tí ẹ máa rà.

Ẹ̀rọ tí aṣọ pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í pẹ́ sọ ara rẹ̀: ọṣẹ máa ń wà lára aṣọ nígbà tó bá jáde, á rún jégéjégé, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì á sì dọ̀tí bó ṣe wà. Nínú èyí tí a ń ki aṣọ bọ̀ láti iwájú, ó yẹ kí ọwọ́ yín ṣì lè wọlé lórí aṣọ. Tí aṣọ bá kéré jù náà, wàhálà wà. Táwẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo máa ń ká jọ sí apá kan, ẹ̀rọ á sì máa gbìyànjú láti fún un, á máa dúró.

Ó ku àlẹ̀mọ́ iná. Lára ẹ̀rọ tó wá láti Yúróòpù, títí kan tòkunbọ̀ láti Bìrìtéènì, ẹ máa rí lẹ́tà A sí G. Láti oṣù kẹta ọdún 2021 ni wọ́n ti tún lẹ́tà náà tò, tí wọ́n sì yọ A+++ kúrò. Ẹ̀rọ tó ní A+++ ti pẹ́ jùyẹn lọ, a ò sì lè sọ pé ó dára ju A tuntun.

Lẹ́tà náà ní ibi tó fara pa mọ́ sí: wọ́n ń fi bí ẹ̀rọ ṣe tóbi tó ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ kílò 10 lè gba A kó sì jẹ yúníìtì iná 51 fún ìfọ̀ 100, nígbà tí kílò 7 tó gba B jẹ 50. Nítorí náà, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kWh, torí kWh kan ni yúníìtì kan lórí mítà yín. Lórí àlẹ̀mọ́ tuntun, ìfọ̀ 100 ló wà fún. Lórí ti àtijọ́, ọdún kan ni, wọ́n sì ka ọdún náà sí ìfọ̀ 220. Ẹ pín in kí ẹ tó fi wéra.

Ìdílé wa yìí ń fọṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìyẹn ìfọ̀ 156 lọ́dún. Ká ní ẹ̀rọ kílò 8 méjì wà níwájú wọn, A tó ń jẹ 47 àti E tó ń jẹ 75. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bíi yúníìtì 44 lọ́dún. Kí wọ́n fi iye tí wọ́n ń ra yúníìtì kan sọ ọ́ di owó, kí wọ́n sì wò ó bóyá àfikún tí ọlọ́jà ń béèrè lórí A máa padà wọlé kí ẹ̀rọ tó gbó.

Kí wọ́n má sì gbàgbé pé ètò eco 40-60, tó ń gbóná omi, ni wọ́n fi wọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Omi gbígbóná ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà. Ohun tó ń gbóná omi nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè fa nǹkan bí wáàtì 2,000, bẹ́ẹ̀ ìfọ̀ olómi tútù kò ju wáàtì ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré fi ń kú bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná omi. Bí ìdílé yìí bá ń fi omi tútù fọ gbogbo aṣọ wọn, yúníìtì 44 yẹn máa wálẹ̀ gan-an, wọn ò sì ní rí èrè púpọ̀ lórí A. Nínú ipò bẹ́ẹ̀, lítà omi tó wà lórí àlẹ̀mọ́ kan náà ló yẹ kí ẹni tó ń ra omi tánkà fi ṣèpinnu.