Ìdí Tí Sátẹ́láìtì Nàìjíríà Fi Wà Lókè Sòmálíà

Bí ẹ bá ń gba àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì kọjá, ẹ gbójú sókè wo àwọn díìṣì DStv tó wà lórí òrùlé. Ìlà oòrùn ni wọ́n kọjú sí, wọ́n sì tẹ̀ díẹ̀ sápá gúúsù. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì tí ìjọba Nàìjíríà fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Ṣáínà ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2011, ọ̀hún náà ló wà. Kò sí lókè Nàìjíríà rárá. Òkè gúúsù Sòmálíà ló wà, nítòsí ibi tí ìlú Kismayo wà. Owó wa la fi ṣe é, kí ló dé tí a kò gbé e sókè orí ara wa?

Kò ṣeé ṣe ni. Kò sí sátẹ́láìtì tó lè dúró sójú kan lókè Adó. Sátẹ́láìtì kì í léfòó. Ṣe ló ń já bọ̀ ní gbogbo ìgbà, àmọ́ eré tó ń sá gba ẹ̀gbẹ́ kò jẹ́ kó balẹ̀. Òòfà ilẹ̀ ayé ló ń fà á, àárín gbùngbùn ayé ni òòfà náà sì ń fà á sí. Nítorí náà, àárín gbùngbùn yẹn ni ọ̀nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ká. Adó wà ní nǹkan bíi díígíríì 7.6 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Èyí tó bá wà lókè Adó láàárọ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò ré ìlà agbedeméjì kọjá, nígbà tó bá sì di alẹ́, yóò ti jìnnà bákan náà sí apá gúúsù. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò ti ní lọ sí àríwá tàbí gúúsù ni òkè ìlà agbedeméjì fúnra rẹ̀, ìlà yẹn sì gba Sòmálíà kọjá. Kò kan Nàìjíríà.

Gíga rẹ̀ náà ní ìdí. Èyí tó bá sún mọ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré kíkankíkan: ní 550 kìlómítà sókè, nǹkan bí ìṣẹ́jú 95 ló máa fi yí ayé ká. Òṣùpá tó jìnnà réré ń lo nǹkan bí ọjọ́ 27. Láàárín méjèèjì, gíga kan wà, 35,786 kìlómítà, tí sátẹ́láìtì ti ń fi wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 56 yí ayé ká, iye àkókò tí ayé fúnra rẹ̀ fi ń yí po. Ayé àti sátẹ́láìtì náà jọ ń lọ síhà ìlà oòrùn ni, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé sátẹ́láìtì náà kò mira, tí oníṣẹ́ díìṣì fi lè de díìṣì pinpin kó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń pín lò. Àjọ ITU ní Geneva ló ń bójú tó àyè kọ̀ọ̀kan kí ìgbì ẹnìkan má baà kọ lu ti ẹlòmíràn, díígíríì 42.5 ìlà oòrùn sì ni àyè NigComSat-1R. Láti Adó, ó tó 37,300 kìlómítà síbẹ̀. Ìgbì rédíò ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ sókè àti àbọ̀ sílẹ̀ gba ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, èsì náà á sì tún gba irú rẹ̀. Kò dí tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń bá ọmọ rẹ̀ ní London sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára, nítorí ẹnu wọn á máa kọ lu ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Oòrùn àti òṣùpá ń fa ọ̀nà rẹ̀ dagun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó díígíríì kan lọ́dún, epo inú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń dá a padà. Ọdún 15 ni wọ́n ṣírò fún NigComSat-1R. Bí epo sátẹ́láìtì bá ń tán lọ, tí wọ́n sì jẹ́ kó máa gòkè sọ̀ kalẹ̀, àmì rẹ̀ hàn kedere: àwòrán á máa já ní àwọn wákàtí kan láìsí òjò, á tún mọ́ gaara ní wákàtí mìíràn, àkókò náà á sì máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin yá sí i lójoojúmọ́. Díìṣì ńláńlá ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀, torí pé ojú tiwọn tín-ín-rín ju ti díìṣì ilé lọ.

Starlink, tó dé Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, gba ọ̀nà mìíràn. Nǹkan bíi 550 kìlómítà ni tirẹ̀ fi ga, nítorí náà èsì ń yá kíákíá. Àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń kọjá lójú ọ̀run Adébáyọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí awo oníbàárà sì ń fi ọ̀kan sílẹ̀ mú òmíràn láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀kan bá kú, oníbàárà lè má mọ̀. Àmọ́ nígbà tí agbára tí NigComSat-1, sátẹ́láìtì tó ṣáájú 1R, ń rí láti ara oòrùn dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, oṣù 18 péré lẹ́yìn tí wọ́n fi ránṣẹ́, gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe ló kú pẹ̀lú rẹ̀, a sì dúró di ọdún 2011 kí a tó rí arọ́pò, ìyẹn NigComSat-1R.

Ohun kan wà tí àwa tí a wà nítòsí ìlà agbedeméjì gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa Starlink. Díígíríì 53 ni ọ̀nà ọ̀pọ̀ nínú wọn fi dagun, ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́rí padà, bíi òkè London, ni wọ́n sì ti ń pọ̀ jù. Lókè tiwa, wọ́n fọ́n ká. Òfin ITU tún ní wọn kò gbọ́dọ̀ dí àwọn sátẹ́láìtì tó dúró sójú kan lọ́wọ́. Láti Adó, ìlà àwọn wọ̀nyẹn gba ìlà oòrùn wá, ó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ sókè orí wa gan-an, ó sì wọ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí sátẹ́láìtì Starlink bá bọ́ sí iwájú ìlà yìí, kò gbọ́dọ̀ tan ìgbì sí wa láti ibẹ̀. Èyí tó wà lápá àríwá tàbí gúúsù ni awo gbọ́dọ̀ lò. Ẹni tó bá fẹ́ gbé awo Starlink sórí ilé ní Adébáyọ̀ kò lè ṣe é bíi ti díìṣì tó kàn nílò àlàfo kan níhà ìlà oòrùn: igi tàbí ògiri tó bá dí ìhà àríwá tàbí gúúsù lè máa já íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ léraléra, bí òkè orí rẹ̀ tiẹ̀ ṣí sílẹ̀.