Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí a ṣe ń sọ káròsẹ́ẹ̀lì àtijọ́ dọ̀tun

Ká ní káròsẹ́ẹ̀lì tí ẹ ṣe ní 2021 lórí owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà ni àwọn èèyàn ń tọ́jú pa mọ́ jù. Ẹ má tú ètò rẹ̀ ká: ìbéèrè ní àwòrán kìíní, iye owó ní ìkejì, àpẹẹrẹ ní ìkẹta.

Iye owó ló yí padà: ₦30,000 di ₦70,000 ní oṣù Keje 2024.

Ẹ tún àpẹẹrẹ náà ṣírò. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦45,000 ti kọjá iye òfin nígbà náà. Lábẹ́ òfin tuntun, ó ku ₦25,000 kí owó rẹ̀ tó pé. Bí ẹ bá yí àwòrán kejì nìkan, ìkẹta yóò ta kò ó.

Ẹ gbé e jáde lákọ̀tun, kí ẹ sì kọ ọdún òfin sí i.