Ejò Tí Wọ́n Fún Lẹ́sẹ̀: Bí A Ṣe Lè Túmọ̀ Chengyu Àwọn Ará Ṣáínà

Ní ọdún 323 ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Zhao Yang kó ọmọ ogun ìjọba Chu lọ bá ìjọba Wei jà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ṣáínà lónìí. Ó ṣẹ́gun wọn, ó pa ọ̀gágun wọn, ó sì gba ìlú mẹ́jọ. Kàkà kó padà sílé, ńṣe ló dojú ogun kọ ìjọba Qi. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé Chen Zhen, ọ̀jáfáfá nínú ọ̀rọ̀ sísọ, lọ sí ibùdó ogun rẹ̀ lórúkọ ọba Qi. Chen Zhen kò bẹ̀bẹ̀, kò sì halẹ̀. Ó kí ọ̀gágun kú oríire, lẹ́yìn náà ló wá pa ìtàn kan fún un.

Ọkùnrin kan ní ìlú Chu rúbọ tán, ó fún àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní ife ọtí kan. Wọ́n wo ọtí náà, wọ́n rí i pé kò lè tó gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ fún ẹnì kan. Wọ́n bá fi ẹnu kò pé kí kálukú ya ejò sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ yà á tán ni yóò mu ún. Ẹnì kan yára yà á tán. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ife, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tún ń yàwòrán lọ, ó ní àyè ṣì wà fún òun láti fún ejò òun lẹ́sẹ̀. Kó tó ya ẹsẹ̀ náà tán, ẹnì kejì ti parí ejò tirẹ̀. Ìyẹn já ife gbà, ó ní ejò kò lẹ́sẹ̀, ta ló wá lè fún un lẹ́sẹ̀? Ló bá da ọtí náà sọ́nà ọ̀fun.

Chen Zhen wá fi ìtàn náà bá ọ̀gágun wí. Ipò tó ga jù lábẹ́ ọba Chu ti wà lọ́wọ́ Zhao Yang. Bó bá ṣẹ́gun Qi, kò sí oyè mìíràn tí wọ́n lè fi kún un. Bí ogun bá sì yíwọ́, yóò kú, ẹlòmíràn ni yóò jókòó sórí àga rẹ̀. Zhao Yang gbọ́, ó kó ọmọ ogun rẹ̀, ó padà sílé.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ká gbogbo ìtàn yìí kúrò nílẹ̀, tí wọ́n sì dì í sí sílébù mẹ́rin péré: hua she tian zu. Hua ni kí a ya nǹkan, she ni ejò, tian ni kí a fi kún un, zu ni ẹsẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní chengyu. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló jẹ́ àmì ìkọ̀wé mẹ́rin, sílébù kan fún àmì kan. Inú èdè ìwé àtijọ́ ni wọ́n ti wá, èdè tí ẹnikẹ́ni kì í fi sọ̀rọ̀ nínú ilé mọ́, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò rárá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ìtàn nínú, ṣùgbọ́n àwọn tó ní ìtàn ló máa ń kó ìdààmú bá atúmọ̀ èdè jù.

Ìdààmú náà ń bẹ̀rẹ̀ látorí pé a máa ń kà wọ́n sí òwe. Òwe Yorùbá, odidi gbólóhùn ni. Ó máa ń dá dúró, ọmọdé tó bá sì fẹ́ pa á níwájú àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ gáfárà pé tótó ó ṣe bí òwe. Chengyu kò nílò irú ètò bẹ́ẹ̀. Àárín gbólóhùn ló máa ń wọ̀, bí ọ̀rọ̀ ìṣe tàbí ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ọmọ ilé ìwé sì lè lò ó fún olùkọ́ rẹ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Ṣáínà náà ní òwe tiwọn, yanyu ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì í pa á pọ̀ mọ́ chengyu. Lọ́dọ̀ tiwa, àkànlò èdè ló sún mọ́ ọn jù, irú bí “fi àáké kọ́rí” tàbí “na pápá bora.” Ẹni tó ní ọmọ òun fi àáké kọ́rí kò rò ó lọ́kàn pé àáké kankan wà nílé.

Nítorí náà, ìbéèrè tí atúmọ̀ èdè ní láti bi ara rẹ̀ kì í ṣe “Kí ni chengyu yìí túmọ̀ sí?” Ìwé atúmọ̀ èdè lè dáhùn ìyẹn. Ohun tó yẹ kó wádìí ni bóyá ìtàn inú rẹ̀ ṣì ń mí nínú gbólóhùn tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé ejò wa yìí kọjá níbi mẹ́ta.

Lákọ̀ọ́kọ́, olóòtú ìwé ìròyìn kan kọ̀wé sí òǹkọ̀wé rẹ̀ pé ìpínrọ̀ ìkẹyìn àròkọ rẹ̀ jẹ́ hua she tian zu. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí “kò wúlò,” a ti dín in kù, torí ohun tí olóòtú ń sọ ni pé àfikún náà ba iṣẹ́ tó ti dára jẹ́. “O ya ejò tán, o tún fún un lẹ́sẹ̀” yóò gbé e délé dáadáa. Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé ejò kò lẹ́sẹ̀, nítorí náà àwòrán náà yé ènìyàn láìjẹ́ pé a ń pa ìtàn ọtí àti ife. Ó tún bọ́ sí méjì lọ́gbọọgba bí ti Ṣáínà ṣe rí, hua she ní apá kan, tian zu ní apá kejì.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gá kan dìde nípàdé lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti sọ̀rọ̀ tó dára. Ó ní òun fẹ́ hua she tian zu pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀. Kò bú ara rẹ̀, kò sì rò pé òun fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ìrẹ̀lẹ̀ ló ń fi hàn. Bí atúmọ̀ èdè bá mú ejò wọ ibí yìí, àwọn olùgbọ́ yóò máa wo ara wọn lójú. Ohun tí àgbàlagbà Yorùbá yóò sọ nírú ipò yẹn ni pé: “Ẹ ti sọ ọ́ tán, àfikún tèmi kò ju bíńtín lọ.” Ejò ti lọ, ẹsẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin náà kù síbẹ̀, ohùn yẹn sì ni gbólóhùn náà wà fún.

Lẹ́ẹ̀kẹta, nínú ìtàn àròsọ kan, oníṣòwò kan jẹ èrè ńlá, ó tún fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lé òwò mìíràn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kìlọ̀ fún un, ó ní hua she tian zu ni. Oníṣòwò rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ta ló wá fẹ́ gba ife náà lọ́wọ́ mi?” Níbí, ìtàn náà ti jí. Bí a bá yọ ife kúrò, ìdáhùn oníṣòwò kò ní yé ẹnikẹ́ni. Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó ń dá òǹkàwé dúró lójú ọ̀nà. Ó sàn kí a fi ìtàn náà sẹ́nu ọ̀rẹ́ náà ní ṣókí: “Má ṣe bí ẹni tó ya ejò tán, tó ń wá ẹsẹ̀ fún un, tí wọ́n fi já ife ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.” Bí chengyu náà bá tún yọjú lójú ewé mìíràn, “ẹsẹ̀ ejò” nìkan ti tó, torí òǹkàwé ti gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Òwe kan wà tó máa ń sáré wá sẹ́nu ẹni tó ń túmọ̀ eléyìí: àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìtumọ̀ wọn fẹ́ jọra, ó sì lè bá a mu nínú fíìmù tí ọ̀rọ̀ ti ń sáré kọjá lójú awò. Ṣùgbọ́n onírúurú àṣejù ni òwe yẹn gbà, ti ẹnu, ti owó, ti ìwà. Ọ̀rọ̀ ejò ní tirẹ̀ ń bá ẹni tó ti borí tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró wí. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọ̀gágun Chu bá la ẹnu tó pa òwe wa, ó ti di ará Ìbàdàn lójijì.

Ọ̀fìn mìíràn tún wà, òun ni pé ìtàn lè dúró síbìkan kí ìtumọ̀ sì ṣí lọ. Nínú ìwé Zhuangzi, ọkùnrin kan tó ń sin ọ̀bọ ní òun yóò máa fún wọn ní èso mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́. Inú bí wọn. Ó ní ó dáa, mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́. Inú wọn dùn. Láti ibẹ̀ ni zhao san mu si ti wá, “àárọ̀ mẹ́ta, alẹ́ mẹ́rin.” Lójú ẹni tó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ àwọn tí ń bínú, tí ń yọ̀, nígbà tí nǹkan kan kò yí padà ni. Lónìí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan ni wọ́n ń fi í bú, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bí obìnrin kan nínú eré bá fi í bá ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ wí, tí atúmọ̀ èdè sì kó ọ̀bọ wọlé, ìtàn náà yóò máa sọ ohun tí obìnrin yẹn kò sọ. “Oní èyí, ọ̀la tọ̀hún” ló bá ibẹ̀ mu.

Ti ohùn ló gbẹgẹ́ jù. Zu zhi duo mou àti lao jian ju hua, ẹni tí orí rẹ̀ pé, tó mọ ète dá, ni méjèèjì ń sọ. Ìyìn ni ti àkọ́kọ́, èébú pátápátá ni ti ìkejì. Ìwé atúmọ̀ èdè Ṣáínà sábà máa ń fi àmì sí wọn, baoyi fún ti ìyìn, bianyi fún ti èébú. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ náà: ọlọ́gbọ́n ni a ó pe ti àkọ́kọ́, ìkejì sì di ọ̀gbójú alárékérekè. Ọ̀nà kan wà láti dán iṣẹ́ wò: ẹ ka ìtumọ̀ náà fún ẹni tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà rárá, kí ẹ bi í léèrè bóyá ńṣe ni wọ́n ń yin ẹni náà tàbí wọ́n ń bú u. Bó bá ń ṣiyèméjì, ohùn ti sọnù nìyẹn, bó ti wù kí ìtumọ̀ náà péye tó.

Àwọn òǹkọ̀wé Ṣáínà mìíràn máa ń to chengyu mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ̀ léra nínú gbólóhùn kan. Létí wọn, orin ni. Bí a bá gbé gbogbo àwòrán wọn wọ Yorùbá lẹ́ẹ̀kan náà, ejò, ọ̀bọ àti ife yóò dìjọ há sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ìyókù ní Yorùbá gbẹrẹfu. Èyí tí ẹ ó mú ni èyí tí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e bá padà fọwọ́ kàn, àní bó bá jẹ́ pé òun gan-an ló ṣòro jù láti túmọ̀.