Kí ni fọ́tò ọjà yín ń sọ fún ẹni tí kò rí i?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ohun tí mo sọ nínú ètò náà nìyí, mo kàn tún un tò díẹ̀ ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ta àdìrẹ ní Ìbàdàn. Ó ní kí n bá òun gbé ọjà òun sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ya fọ́tò, mo to ojú ewé náà, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ mi. Kò pẹ́ tí oníbàárà kan fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Obìnrin náà kò ríran. Fóònù rẹ̀ ló máa ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sí i létí. Ó fẹ́ ra aṣọ fún ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, fọ́tò mẹ́fà ni mo bá níbẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà lásán ni fóònù mi ń pè fún mi. Èwo ni aṣọ níbẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi pè mí. "Kí lo kọ sí àwọn fọ́tò yẹn?" Ká má parọ́, mi ò kọ nǹkan kan sí i.

Ohun tó fà á rèé. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan lórí ojú ewé ní àyè kan tó ń jẹ́ `alt`. Ẹni tó ń wo fọ́tò kì í rí ohun tó wà nínú àyè yìí. Ohun èlò tó ń ka ojú fóònù, bíi TalkBack lórí Android àti VoiceOver lórí iPhone, ló máa ń kà á jáde. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá burú tí fọ́tò kò jáde, ọ̀rọ̀ inú `alt` ló máa ń hàn níbẹ̀. Google náà máa ń lò ó, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ yòókù lójú ewé, láti mọ ohun tí fọ́tò náà jẹ́. Tí kò bá sí `alt` rárá, ohun èlò náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ fáìlì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn.

Mo wá jókòó láti tún un ṣe. Aṣọ àkọ́kọ́ jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí iṣẹ́ ara rẹ̀ ń jẹ́ Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n máa ń ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí. Èyí ni mo kọ́kọ́ kọ:

```html
<img src="IMG_4471.jpg" alt="àdìrẹ, àdìrẹ Ìbàdàn, ra àdìrẹ, àdìrẹ olówó pọ́ọ́kú">
```

Mo rò pé Google á tètè rí wa. Àmọ́ ẹ fi etí ẹni tó ń gbọ́ ọ gbọ́ ọ: "àdìrẹ, àdìrẹ, àdìrẹ." Kò tíì mọ bí aṣọ náà ṣe rí. Google fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ká má ṣe kó ọ̀rọ̀ jọ báyìí, torí ó lè ka ojú ewé náà sí ti oníjìbìtì. Mo pa á rẹ́, mo kọ èyí:

```html
<img src="adire-eleko-ibadandun.jpg"
 alt="Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn tí a tẹ́ sílẹ̀: èlú tó dúdú dáadáa, òpó Mápó àti síbí funfun nínú àwọn ilé onígun mẹ́rin.">
```

Ẹ wo ohun tó yí padà. Orúkọ ọjà ló ṣáájú. Àwọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iṣẹ́ ara aṣọ. Mi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àwòrán", torí ohun èlò náà ti máa ń sọ fúnra rẹ̀ pé àwòrán ni. Gbólóhùn kan sí méjì ti tó. Ẹni tó ń wá "adire eleko" lórí Google náà ti rí ọ̀rọ̀ tó ń wá, láìjẹ́ pé a pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo yí orúkọ fáìlì náà padà, mi ò sì fi àmì ohùn sí i, torí àmì ohùn máa ń di àmì ìdá ọgọ́rùn-ún àti nọ́ńbà jágbajàgba nínú àdírẹ́sì ojú ewé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í ni àlàyé abẹ́ fọ́tò. Ìyẹn ni gbogbo ènìyàn ń rí, ẹni tó ń fi etí kà á náà sì ń gbọ́ ọ. Tí ẹ bá tún kọ ohun tó wà nínú `alt` síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé `alt` ń sọ ohun tí ojú rí, àlàyé abẹ́ fọ́tò ń sọ ohun tí ojú kò lè rí. Mo kọ sí abẹ́ aṣọ yẹn pé: "Iyẹ́ adìyẹ la fi ya iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ẹ̀kọ, kí a tó rẹ ẹ́ sínú èlú." Àpèjúwe ọjà ló wá gba ìyókù: yáàdì 5, òwú ni, omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ran ara wọn lọ́wọ́, kò sí èyí tó ń tún ti èkejì sọ.

Fọ́tò kejì jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà tí mo yà súnmọ́. `alt` tirẹ̀ kò lè jọ ti àkọ́kọ́, torí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Mo kọ: "Etí aṣọ náà nítòsí: wọ́n ti ká a, wọ́n sì ti rán an." Fọ́tò kẹta kàn jẹ́ ilà ọ̀ṣọ́ tí kò sọ nǹkan kan, `alt=""` ni mo fi sí i, kí ohun èlò náà lè fò ó. Fífi í sílẹ̀ lófìfo báyìí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àìkọ ọ́ rárá. Fọ́tò kẹrin ni ẹ máa tẹ̀ láti bá wa sọ̀rọ̀, nítorí náà ibi tó ń gbé yín lọ ni `alt` rẹ̀ sọ: "Bá wa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp."

Karùn-ún àti ìkẹfà ló le. Wọ́n jẹ́ fíláyà tí iye owó àti nọ́ńbà fóònù wà nínú wọn. Ohun èlò tó ń kà á lè má rí ọ̀rọ̀ tó wà nínú fọ́tò, kò sì rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti da nọ́ńbà inú fíláyà kọ. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀.

Ẹ kọ `alt` ní èdè tí ojú ewé yín wà. Tí ó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ fi `lang="yo"` sí i. Síbẹ̀, fóònù tí kò ní ohùn Yorùbá á máa kà á bí òyìnbó, ìyẹn sì kọjá agbára wa.

Lórí Instagram, ẹ lè fi `alt` kún fọ́tò tó ti wà níta láti ibi Edit. Tí ẹ bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àlàyé abẹ́ fọ́tò ló máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì, torí náà ẹ sọ àwọ̀ àti iṣẹ́ ara aṣọ níbẹ̀.

Kí ẹ tó sọ pé ẹ ti parí, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Accessibility, ẹ tan TalkBack tàbí VoiceOver. Ẹ rántí pé títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan máa kà á, ẹ̀ẹ̀mejì léraléra ló máa ṣí i, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa pa á. Ẹ di ojú, kí ẹ gbọ́ ojú ewé yín. Ibi tó bá ti ń ka nọ́ńbà tàbí tó ń tún ara rẹ̀ sọ, ibẹ̀ ni àtúnṣe kù sí.

Ọ̀rẹ́ mi fi ojú ewé náà ránṣẹ́ padà sí oníbàárà wa. Èsì rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ: "Mo ti gbọ́ òpó Mápó. Itòsí ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ẹ bá mi pa ìyẹn mọ́ o, ẹ má tà á."

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.