Lẹ́tà Ìdáríjì sí Òbí Tó Sọ̀rọ̀ Líle

Ọ̀rọ̀ líle tí òbí sọ sí ọmọdé kì í tètè kúrò létí. Robert Enright, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Wisconsin, Amẹ́ríkà, ti ń ṣèwádìí lórí ìdáríjì láti nǹkan bí ọdún 1985. Ìlànà tirẹ̀ ni pé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kọ́kọ́ gbà pé inú ń bí òun, kó wá pinnu láti dárí jì, lẹ́yìn náà kó wo ohun tí ojú ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ti rí láyé. Lẹ́tà ìdáríjì tó dára máa ń tẹ̀ lé ìlànà yìí.

Ìwé méjì ló yẹ kéèyàn kọ. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ń kọ ọ́ nìkan: kó tú gbogbo ìbínú rẹ̀ sí i, kò sì gbọdọ̀ fi ránṣẹ́. Bí inú bá rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kó wá kọ èkejì. Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí bàbá rẹ̀ bú níwájú àlejò:

“Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin, ẹ sọ níwájú àwọn àlejò pé n kò ní í wúlò láyé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Títí di báyìí, bí oníbàárà bá yin iṣẹ́ mi, n kì í gbà á gbọ́. Mo ti wá mọ̀ pé ọdún yẹn gan-an ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ náà kò dára síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lọ́kàn mi. N kò retí kí ẹ bẹ̀ mí.”

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan péré ló mú. Ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe fún un, kò sì pe bàbá rẹ̀ ní òǹrorò. Kò kọ “mo dárí jì yín” ní tààrà, torí pé létí ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá, ó lè dà bíi pé ọmọ gorí ìtẹ́ ìdájọ́. “Ó ti kúrò lọ́kàn mi” rọrùn fún wọn láti gbà.

Bí lẹ́tà bá kún fún “ẹ ṣe èyí, ẹ ṣe ìyẹn”, ẹjọ́ ló ṣì jẹ́. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá sì ń ṣọ́nà èsì kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀, kò tíì yá láti fi ránṣẹ́.

Òbí lè sẹ́, ó lè ní òun kò rántí. Òmíràn ti kú. A lè kọ lẹ́tà tirẹ̀ náà. Bí òbí bá sì ṣì ń búni títí dòní, ìdáríjì kò ní kéèyàn má jìnnà sí i. Ìwọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, mú bírò, kí o sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní kà.