Búlúù Ojú Kọ̀ǹpútà àti Búlúù Orí Ìwé: Ìdí tí Àwọ̀ fi Ń Yí Padà ní Ilé Ìtẹ̀wé

1.0 Ìfáàrà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀ka tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gbé ìwé àpérò kan lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Búlúù tí ó mọ́lẹ̀ rekete ni a fi kun èèpo ìwé náà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà 500 ni a ní kí wọ́n tẹ̀. Ọjọ́ tí a tú ẹrù náà, àwọ̀ àlùkò tí ó ṣókùnkùn ni a bá níbẹ̀. A bínú sí òǹtẹ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní nọ́ńbà tí ó wà nínú fáìlì ni òun tẹ̀. Ẹni tí ó ya èèpo ìwé náà ní òun ti fi irinṣẹ́ wọn ojú kọ̀ǹpútà òun, òun sì ti fi àpèjúwe àwọ̀ sínú fáìlì gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Nígbà tí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, a rí i pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí àwọ̀ ṣe lè bàjẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Búlúù ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ìṣòro yìí ti hàn gbangba jùlọ.

2.0 Orúkọ àwọn àwọ̀

Funfun, pupa àti dúdú ni ìpìlẹ̀ orúkọ àwọ̀ ní èdè Yorùbá. Ara ohun tí a fojú rí ni a ti máa ń fa púpọ̀ nínú àwọn orúkọ yòókù yọ: èso ìyeyè, ewé, aṣọ àlàárì, ẹyẹ àlùkò. Tàdáwà mẹ́rin ni ilé ìtẹ̀wé ń lò. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò pe èyí tí ó dà bí ojú sánmà ní àyìnrín, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláró ti ń pe búlúù tí kò ki. A óò pe èyí tí ó pupa rúsúrúsú mọ́ àlùkò ní àlàárì. Àwọn méjì tí ó kù ni ìyeyè àti dúdú. Búlúù ni a óò máa pe àwọ̀ tí ọ̀rọ̀ wa dá lé, nítorí pé àwọ̀ aró ṣókùnkùn jù ú lọ.

3.0 Ìmọ́lẹ̀ àti tàdáwà

Ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀. Orísun ìmọ́lẹ̀ kéékèèké mẹ́ta ni ó ń lò: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Nọ́ńbà láti 0 dé 255 ni a fi ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe tàn tó. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ní 255, funfun ni a óò rí. Bí wọ́n bá wà ní 0, dúdú ni. Búlúù èèpo ìwé wa jẹ́ 0, 0, 255. Ìtumọ̀ èyí ni pé orísun búlúù nìkan ni ó tàn, ó sì tàn dé òpin agbára rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni a óò pè ní àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀.

Ìwé kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yàrá ni ó ń bọ́ lé e lórí, tí ó sì ń padà wá sí ojú wa. Iṣẹ́ tàdáwà ni láti gbé apá kan nínú ìmọ́lẹ̀ náà mì kí ó tó padà. Àyìnrín ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, àlàárì ń gbé ti àwọ̀ ewé mì, ìyeyè sì ń gbé ti búlúù mì. Èyí ni a óò pè ní ìyọkúrò ìmọ́lẹ̀.

Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí pé kò sí tàdáwà búlúù láàrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí òǹtẹ̀wé bá fẹ́ búlúù, àfi kí ó tẹ àlàárì lé àyìnrín. Ọ̀kan yóò gbé pupa mì, èkejì yóò gbé àwọ̀ ewé mì, búlúù nìkan ni yóò sì kù. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí tàdáwà tí ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àlàárì máa ń gbé díẹ̀ mì nínú búlúù tí ó yẹ kí ó jẹ́ kí ó kọjá. Àyìnrín náà ń mú díẹ̀ nínú búlúù àti àwọ̀ ewé. Nígbà tí a bá wá tẹ ọ̀kan lé èkejì, búlúù tí ó yẹ kí ó padà sí ojú wa ti dín kù gidigidi. Nítorí náà, búlúù tí ó rọrùn jùlọ fún ojú kọ̀ǹpútà láti tàn ni ó ṣòro jùlọ fún ìwé láti gbé jáde.

4.0 Ìtúnwọ̀n àti àpèjúwe àwọ̀

Àwọn ènìyàn máa ń ka ohun méjì yìí sí ọ̀kan. Ìtúnwọ̀n ni kí a mú ẹ̀rọ padà sí ipò kan tí a mọ̀. Fún ojú kọ̀ǹpútà, a lè mú funfun rẹ̀ wá sí nǹkan bí 6500 kẹ́lífìn, kí a sì mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá sí àárín 80 sí 120 kándẹ́là fún mítà onígun mẹ́rin kan. Lẹ́yìn èyí ni a óò wọn àwọn àwọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde, tí a óò sì kọ ọ́ sílẹ̀ sínú fáìlì. Àkọsílẹ̀ yìí ni àpèjúwe àwọ̀. Ẹgbẹ́ ICC, tí àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ni ó ṣètò bí a ṣe ń kọ ọ́.

A lè fi àpèjúwe àwọ̀ wé ìwé atúmọ̀-èdè. Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà kì í bá nọ́ńbà tàdáwà sọ̀rọ̀ tààrà. A kọ́kọ́ ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè àárín kan tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ kankan, lẹ́yìn náà ni a ń túmọ̀ láti ibẹ̀ sí ti tàdáwà. Lab, tí ẹgbẹ́ CIE gbé jáde ní ọdún 1976, jẹ́ ọ̀kan nínú irú èdè àárín bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó ní: L ń sọ bí àwọ̀ ti mọ́lẹ̀ tó, a àti b sì ń sọ irú àwọ̀ tí ó jẹ́ àti bí ó ti jinlẹ̀ tó.

Ògbufọ̀ tí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ tí èdè kejì kò ní kò lè rí i fà yọ nínú ìwé atúmọ̀-èdè, bí ó ti wù kí ìwé náà péye tó. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jùlọ ni yóò mú. Bákan náà ni ti àwọ̀. Àpapọ̀ gbogbo àwọ̀ tí ẹ̀rọ kan lè gbé jáde ni a óò pè ní agbègbè àwọ̀ rẹ̀. Àpèjúwe àwọ̀ lè fi ibi tí agbègbè ìwé pin sí hàn wá. Kò lè fẹ̀ ẹ́.

5.0 Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èèpo ìwé wa

Nínú Lab, búlúù ojú kọ̀ǹpútà wa jẹ́ nǹkan bí L 30, a 68, b -112. Bí a bá tẹ àyìnrín àti àlàárì lé ara wọn ní kíkún lórí ìwé dídán, ohun tí a óò rí jẹ́ nǹkan bí L 24, a 20, b -46. Bí a bá wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jìnnà sí àwọ̀ eérú tó, ti kọ̀ǹpútà tó 131, ti ìwé kò ju 50 lọ. Búlúù orí ìwé kò tó ìdajì èyí tí a rí lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí ìtúnwọ̀n tí ó lè dí àlàfo yìí.

Kọ̀ǹpútà wá mú àwọ̀ tí ó sún mọ́ ọn. Pẹ̀lú àpèjúwe tí a ń pè ní `U.S. Web Coated (SWOP) v2`, èyí tí a lò, búlúù náà di àyìnrín 88 àti àlàárì 77 nínú ọgọ́rùn-ún, láìsí ìyeyè tàbí dúdú. Ibí yìí ni àlùkò ti wọlé. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé Lab ní àbùkù kan ní agbègbè búlúù: bí a bá mú kí búlúù fẹ́lẹ́ láì yí ọ̀nà tí nọ́ńbà kọjú sí padà, ojú ènìyàn máa ń rí i bí ẹni pé ó ń di àlùkò. Ohun tí ó sún mọ́ra nínú ìṣirò lè má sún mọ́ra lójú. Ìdí kejì ni pé 11 péré ni ó wà láàrin àyìnrín àti àlàárì. Bí ẹ̀rọ bá fi àlàárì lé e díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àlùkò yóò borí.

6.0 Ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń wo ìwé

Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ yàrá ni ìwé ń dá padà, àwọ̀ rẹ̀ ń bá yàrá yí. Àwọn onímọ̀ ìtẹ̀wé fi ẹnu kò sí ìmọ́lẹ̀ D50, tí ó jẹ́ nǹkan bí 5000 kẹ́lífìn, fún wíwo iṣẹ́. Gílóòbù olókùn iná àtijọ́ kò ju nǹkan bí 2800 lọ: búlúù rẹ̀ kéré, pupa rẹ̀ pọ̀. Lábẹ́ irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, àlàárì tí ó wà nínú búlúù wa yóò tún yọjú sí i. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni a ti tú ẹrù wa. Nígbà tí a gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò di búlúù tí a fẹ́.

7.0 Bí a ṣe lè mọ ibi tí àṣìṣe wà

Bí ó bá jẹ́ búlúù àti àwọn àwọ̀ mìíràn tí ó mọ́lẹ̀ gan-an nìkan ni ó yí padà, tí àwọ̀ ara ènìyàn àti àwọ̀ eérú dára, agbègbè àwọ̀ ni ó fà á. Bí gbogbo àwọ̀ bá yí padà lápapọ̀, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé fáìlì kò ní àpèjúwe, tàbí pé èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ ni a lò. Bí ẹ̀dà kan bá yàtọ̀ sí èkejì nínú iṣẹ́ kan náà, ìwọ̀n tàdáwà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kí a yẹ̀ wò.

A lè rí ìṣòro àkọ́kọ́ kí a tó náwó rárá. Nínú Photoshop, kí a lọ sí `View > Proof Setup > Custom`, kí a mú àpèjúwe tí ilé ìtẹ̀wé bá fún wa, kí a sì yan `Simulate Paper Color`. Èyí ni a óò pè ní àyẹ̀wò ojú-ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, `View > Gamut Warning` yóò fi eérú bo gbogbo ibi tí ìwé kò lè gbé jáde. Nígbà tí a ṣe èyí sí fáìlì wa, gbogbo èèpo ìwé náà ni eérú bò.

Àtúnṣe tí a ṣe ni pé a kò mú àwọ̀ láti ojú kọ̀ǹpútà mọ́. A ní kí òǹtẹ̀wé tẹ àmì márùn-ún sórí irú ìwé kan náà: àyìnrín 100 nínú gbogbo wọn, àlàárì 50, 60, 70, 80 àti 90. A gbé wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. 90 àti 80 ti di àlùkò. 70 ń ṣiyèméjì. 60 jẹ́ búlúù tí kò mú àríyànjiyàn wá. Ìmọ̀ràn àwọn àgbà òǹtẹ̀wé náà ni pé kí àlàárì fi 30, ó kéré tán, dín sí àyìnrín. 60 ni a mú. Kò mọ́lẹ̀ tó ti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n búlúù ni.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A dábàá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀:

àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀: fífi oríṣi ìmọ́lẹ̀ kún ara wọn láti rí àwọ̀
ìyọkúrò ìmọ́lẹ̀: gbígbé apá kan ìmọ́lẹ̀ mì láti rí àwọ̀
ìtúnwọ̀n: mímú ẹ̀rọ padà sí ipò tí a mọ̀
àpèjúwe àwọ̀: àkọsílẹ̀ tí ó so nọ́ńbà ẹ̀rọ mọ́ àwọ̀ tí ojú ń rí
agbègbè àwọ̀: gbogbo àwọ̀ tí ẹ̀rọ kan lè gbé jáde
àyẹ̀wò ojú-ẹ̀rọ: wíwo àfarawé iṣẹ́ orí ìwé lójú kọ̀ǹpútà

Nínú wọn, agbègbè àwọ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá lóye rẹ̀ yóò mọ̀ pé orí ìwé ni a ti ń yan àwọ̀ ìwé.